Agbádá tàbí fìlà: èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ Iléyá?

Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé, ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mónógíráàmù kan ní Ìbàdàn. Ẹ máa rí òkìtì aṣọ nínú báàgì, ẹ máa gbọ́ fóònù tó ń dún léraléra, àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Aṣọ pọ̀, wákàtí ò tó. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ pinnu èyí tó máa gbé sórí ẹ̀rọ, àti èyí tó máa dá padà fún oníbàárà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní agbádá ni kó kọ́kọ́ ṣe, torí òun lowó ẹ̀ pọ̀ jù. Ìṣirò kékeré kan wà tó lè yí ìdáhùn yẹn padà, kò sì ju ká yọ, ká sì pín lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Mo ti gé àwọn iye owó náà kó lè rọrùn láti ṣírò, àmọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, olórí kan péré ló ní, ìyẹn ni pé aṣọ kan ló lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, wákàtí 10 ló lè fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ọjọ́ 6, wákàtí 60. Àwọn oníbàárà ló ń mú aṣọ wá, iṣẹ́ ọnà nìkan ni wọ́n ń sanwó fún.

Lọ́sẹ̀ yẹn, agbádá 6 ló wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gba wákàtí 8. Bùbá àti ṣòkòtò 13 wà, wákàtí 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fìlà 20 náà wà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é pọ̀, ẹ máa rí wákàtí 84. Wákàtí 24 ló lé lórí ohun tó ní.

Ohun àkọ́kọ́ tá a fẹ́ mọ̀ ni iye tó ń ṣẹ́ kù lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé owó tí oníbàárà san, kẹ́ ẹ yọ gbogbo ìnáwó tí kò ní wáyé rárá tí aṣọ yẹn ò bá gun ẹ̀rọ. Òwú ni, sítéè tí wọ́n ń fi sábẹ́ aṣọ, epo jẹnẹrétọ̀, àti owó ọmọ tó ń gé òwú kúrò, tó ń gba owó aṣọ kọ̀ọ̀kan. Iye tó bá kù ni mo ń pè ní àṣẹ́kù. Àwọn akáńtáǹtì ń pè é ní kọntiribúṣọ̀n. Owó ṣọ́ọ̀bù ò sí nínú ohun tá a yọ, gbèsè tí wọ́n ṣì ń san lórí ẹ̀rọ náà ò sí níbẹ̀. Ìdí ni pé lánlọ́ọ̀dù ò ní gba kọ́bọ̀ kan kù torí pé fìlà la ṣe dípò agbádá. Àṣẹ́kù gbogbo aṣọ la máa kó jọ, ká tó wá fi san owó wọ̀nyẹn.

Agbádá jẹ́ ₦40,000. Òwú àti sítéè gba ₦6,000, ọmọ tó ń gé òwú gba ₦2,000, epo ₦1,000 ní wákàtí kan jẹ́ ₦8,000. Àṣẹ́kù ẹ̀ jẹ́ ₦24,000. Bùbá àti ṣòkòtò jẹ́ ₦12,000; tá a bá yọ ₦2,000 ti òwú àti sítéè, ₦500 ti ọmọ, àti ₦2,000 ti epo, ó ku ₦7,500. Fìlà jẹ́ ₦4,000. Òwú àti sítéè ₦500, ọmọ ₦200, epo ₦500, ó ku ₦2,800.

Tá a bá dúró síbẹ̀, agbádá ló borí. Àmọ́ kì í ṣe agbádá ni kò tó fún ẹ̀gbọ́n mi, wákàtí ẹ̀rọ ni. Torí náà, ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: wákàtí kan lórí ẹ̀rọ, èló ló ń mú wálé? Ẹ pín àṣẹ́kù sí iye wákàtí. ₦24,000 pín sí 8 fún agbádá jẹ́ ₦3,000. ₦7,500 pín sí 2 fún bùbá jẹ́ ₦3,750. Ti fìlà, ₦2,800 ní ààbọ̀ wákàtí, jẹ́ ₦5,600 ní wákàtí kan. Fìlà kékeré tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló wà lókè, agbádá ló gbẹ̀yìn!

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀nà méjèèjì kún wákàtí 60 náà. Ká ní agbádá la kọ́kọ́ ṣe, agbádá 6 máa gba wákàtí 48, á mú ₦144,000 wá. Wákàtí 12 tó kù á gba bùbá 6, ìyẹn ₦45,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦189,000. Ká ní a tẹ̀ lé àṣẹ́kù wákàtí, fìlà 20 á gba wákàtí 10, á mú ₦56,000 wá. Bùbá 13 á gba wákàtí 26, ìyẹn ₦97,500. Wákàtí 24 tó kù á gba agbádá 3, ìyẹn ₦72,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦225,500. Ẹ̀rọ kan náà, wákàtí kan náà, ₦36,500 ló fi jùra lọ. Ẹ kíyè sí i pé a ò sọ pé kó má ṣe agbádá rárá. Fìlà 20 péré làwọn èèyàn fẹ́. Tí ìyẹn bá ti tán, èyí tó tẹ̀ lé e ló kàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń pín owó ṣọ́ọ̀bù lé aṣọ lórí. Ká ní ẹnì kan sọ pé kí aṣọ kọ̀ọ̀kan ru ₦2,500 owó ṣọ́ọ̀bù. Fìlà tó ní ₦2,800 á ku ₦300 péré. Á ní, “Fìlà yìí ò lérè, ẹ jẹ́ ká pa á tì.” Bẹ́ẹ̀, òun ló ń mówó wálé jù!

Ibòmíì tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni wákàtí fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí máa ń kọ iye sítíìṣì tó wà nínú ọnà kan sójú ẹ̀, ó sì rọrùn láti rò pé ẹ ti mọ àkókò nìyẹn. Agbádá tó ní sítíìṣì 280,000, tí ẹ̀rọ bá ń ṣe 700 ní ìṣẹ́jú kan, máa gba ìṣẹ́jú 400, ìyẹn wákàtí 6 àti ogójì ìṣẹ́jú. Àmọ́ òwú á já, òwú ìsàlẹ̀ á tán, wọ́n á tú aṣọ kúrò nínú férémù, wọ́n á tún un dè síbòmíì. Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rọ dúró, ẹlòmíì ò sì lè lò ó. Bó ṣe di wákàtí 8 nìyẹn. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé aṣọ dé orí ẹ̀rọ títí dìgbà tí aṣọ míì máa bọ́ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ fi fóònù yín ka àkókò ẹ̀ fún bí aṣọ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ máa rí òótọ́.

Lórí fìlà, ìdúró yẹn tún hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: sítíìṣì 14,000, ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 10 láti de èyí tó kàn sínú férémù. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ra férémù kejì, tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń de fìlà kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ wà lórí ẹ̀rọ, àkókò á bọ́ sí bí ìṣẹ́jú 24. Epo á dín sí ₦400, àṣẹ́kù á di ₦2,900, àṣẹ́kù wákàtí kan á sì fò sókè láti ₦5,600 sí ₦7,250. Lójú tèmi, férémù yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n tó ronú ẹ̀rọ kejì.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀sẹ̀ yẹn, iléèwé kan pè pé àwọn fẹ́ báàjì 200, ₦250 lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n rò pé mò ń tà ni?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká pín in ná.”

Ẹ̀rọ lè ṣe báàjì 25 ní wákàtí kan, torí náà wákàtí 8. Owó ẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Aṣọ àti òwú ₦60 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦12,000, epo ₦8,000. Ó ku ₦30,000. Kí ni báàjì náà máa lé kúrò lórí ẹ̀rọ? Agbádá kan ni, tó ní ₦24,000. Báàjì fi ₦6,000 jù ú. Ìṣirò kan náà sọ iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí i: ₦24,000 tí agbádá ì bá mú wá, pẹ̀lú ₦20,000 ìnáwó, jẹ́ ₦44,000, ìyẹn ₦220 lórí báàjì kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ lẹ́yìn Iléyá ni iléèwé náà pè, tí ẹ̀rọ jókòó lásán, báàjì ò lé nǹkan kan kúrò. ₦100 péré ló máa dá ìnáwó padà nígbà yẹn. Ohunkóhun tó bá lé lórí ẹ̀, èrè ni. Iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà, àmọ́ wákàtí ọ̀sẹ̀ Iléyá kì í ṣẹgbẹ́ wákàtí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ká wá ní bàbá kan tó ti ń kó aṣọ wá láti ọdún pípẹ́ ní dandan ni kí wọ́n ṣe agbádá tòun, èyí tó máa jẹ́ ìkẹrin. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n lé bàbá. Wákàtí 8 ẹ̀ máa lé bùbá 4 kúrò, ₦30,000, á sì mú ₦24,000 wá. Ojú bàbá náà ná wọn ní ₦6,000. Tí wọ́n bá rò pé ó tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe é; ó kàn dáa kí wọ́n mọ iye ẹ̀ ni.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ẹ̀rọ ni kò tó. Ẹ wo ibi tí òkìtì wà. Tí aṣọ bá ń dúró de ẹ̀rọ, òótọ́ ni. Tí ẹ̀rọ bá ti ṣe tán, tí aṣọ wá ń gorí ara wọn níwájú ọmọ tó ń gé òwú, a jẹ́ pé wákàtí ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ pín àṣẹ́kù sí, ipò tí fìlà wà sì lè yí padà.

Tí ẹ̀rọ àti ọmọ náà bá jọ há pa pọ̀ ńkọ́? Pípín ẹyọ kan ò tó mọ́. Irú ìṣòro yìí ló kan Leonid Kantorovich ní Leningrad nígbà tí ilé iṣẹ́ pákó ní kó bá àwọn pín iṣẹ́ sórí àwọn ẹ̀rọ àwọn. Ó tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 1939, lọ́dún 1975 òun àti Tjalling Koopmans sì jọ gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì nínú ètò ọrọ̀ ajé. Lónìí, LibreOffice Calc tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè ṣe é fún yín ní `Tools > Solver`. Ohun tó máa béèrè ni àṣẹ́kù aṣọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí ẹ̀rọ àti wákàtí ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, iye wákàtí tẹ́ ẹ ní, àti iye tí àwọn oníbàárà fẹ́.