Kí Ni Oníṣòwò Tí Gbèsè Wọ̀ Lọ́rùn Yóò Sọ Fún Máníjà Báńkì?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lọ́dún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dun àwọn oníbúrẹ́dì dé eegun. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà ti ń wá. Bí dọ́là bá ti gbówó lórí, fúláwà náà á gbówó lórí, àmọ́ owó oṣooṣù tí oníbúrẹ́dì ń san fún báńkì kò ní dín kọ́bọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á sá. Wọn ò ní gbé fóònù òṣìṣẹ́ báńkì mọ́, wọ́n á sì máa kó owó ọjà lọ sí àkáǹtì míì. Sísá yìí kò gbani mọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báńkì fi lè tọpa BVN onígbèsè, kí ó sì yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tó ní sí báńkì mìíràn.

Ìgbà tí èèyàn lọ bá máníjà ṣe kókó. Bí gbèsè báńkì ìṣòwò bá ti lé ní 90 ọjọ́ láìsan, òfin ní kí báńkì kà á sí gbèsè tó ń bàjẹ́, kí ó sì ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀ dè é. Ti àwọn báńkì kéékèèké tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Máníjà tí a bá kí ó tó dà bẹ́ẹ̀ ṣì ní àyè láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká fi oníbúrẹ́dì kan n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Gbèsè rẹ̀ ku 1,800,000 náírà, oṣù 12 ló sì kù tó fi máa san án tán. Oṣooṣù ló ń san 150,000 nínú ojú owó, pẹ̀lú èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé 204,000 ló ń dúró dè é lóṣù yìí. Lẹ́tà tó kọ nìyí:

“Ọ̀gá máníjà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mi ò pa oṣù kankan jẹ rí, àmọ́ apá mi ò ká ti oṣù yìí. Fúláwà ti wọ́n, iléèwé kan tí mò ń kó búrẹ́dì fún sì jẹ mí ní 400,000 náírà. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: mo mú 250,000 nínú owó òwò fi san owó iléèwé ọmọ mi, mi ò sì tíì dá a padà.”

Àwọn kan á ní kí ó yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ wà níwájú máníjà, ibẹ̀ ni yóò ti rí 250,000 náà àti ibi tó gbà lọ. Bó bá fúnra rẹ̀ rí i, yóò máa ṣiyèméjì nípa fúláwà àti iléèwé tó jẹ́ òótọ́.

Lẹ́yìn ẹjọ́ ló kan ètò. Obìnrin yìí ṣí ìwé ìṣirò oṣù mẹ́ta. Ó yọ owó fúláwà, ìwúkàrà, igi ìdáná, owó oṣù àwọn ọmọọṣẹ́ àti owó oúnjẹ ilé, ó sì mú oṣù tó burú jù nínú wọn: 130,000 náírà ló ṣẹ́ kù. Òun ló fi ṣe ìpìlẹ̀, kì í ṣe oṣù ọdún Kérésì tí ọjà tà wàràwàrà. Kò sì ka 400,000 tí iléèwé jẹ ẹ́ mọ́ ọn, torí owó tí kò tíì wọlé kò ṣeé fi ṣe ìlérí.

Ó ta jẹnẹrétọ̀ kejì tó ní ní 300,000, ó fi san lára gbèsè, ó wá ku 1,500,000. Ó bẹ̀bẹ̀ kí òun san èlé nìkan fún oṣù mẹ́ta, 45,000 lóṣù. Ìyẹn á jẹ́ kí 85,000 máa ṣẹ́ kù lóṣooṣù, tí oṣù mẹ́ta yóò fi dá 250,000 tó mú kúrò nínú owó òwò padà. Lẹ́yìn náà, yóò máa san 75,000 ojú owó fún 20 oṣù. Àpapọ̀ owó oṣù àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ 120,000, kò sì tó 130,000 tó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Àyè yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní àdéhùn àtijọ́, èlé tó kù jẹ́ 351,000. Ní tuntun, ó di 607,500. Ẹni tó bá ń tọrọ àfikún oṣù gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí kó tó jókòó, torí àwọn kan á rí i pé ó sàn kí àwọn ta nǹkan kan sí i ju kí àwọn fa gbèsè gùn.

Ó tún ku oníдúró. Báńkì lè ní kí ó tún ọwọ́ ìwé bọ̀, nítorí àdéhùn tó dúró fún tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Kò dáa kó jẹ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́.

Bí máníjà bá sì ní “Mo ti gbọ́, Màmá, ẹ máa lọ,” ẹ má tíì máa lọ. Àdéhùn àtijọ́ ṣì múlẹ̀ títí báńkì yóò fi fọwọ́ sí ìwé tuntun. Ẹ gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé iye owó àti ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ bá ti lẹ́tà yín mu.