Aláàárù Inú Ìfun: Bí Ṣúgà àti Púrótéènì Ṣe Ń Wọ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun tí ìfun kékeré ń ṣe sí oúnjẹ tí ó ti dà ni "fà mu". Ilẹ̀ ń fa omi òjò mu, òwú ń fa epo fìtílà mu, ìfun náà sì ń fa oúnjẹ mu. Ọ̀rọ̀ náà kò burú fún omi. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó fún ṣúgà àti púrótéènì, ó ń tan ni jẹ, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í dédé rin wọ inú ara. Ńṣe ni a ń gbé wọn wọlé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ agbérù tí ó ní ohun tí yóò gbà kí ó tó gbé ẹrù. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè kò bá fi ìyàtọ̀ yìí hàn, ìmọ̀ràn tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọdé là yóò di ohun tí kò ní ìdí.

Magboro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Omi kànga, omi ẹ̀rọ tí onílé gbẹ́ fúnra rẹ̀ àti omi inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Èkó kò sì jìnnà sí wọn, níbi tí àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ ọdún méjì ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí oògùn apòpọ̀ inú ọ̀rá nítòsí, ìmọ̀ràn tí ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ ni pé kí ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tí a gbá lórí kí ó tẹ́jú, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà.

Ìyá náà lè béèrè ohun tí ó bọ́gbọ́n mu: omi ni ó ń jáde lára ọmọ, iyọ̀ sì lè bá a jáde, ṣùgbọ́n kí ni ṣúgà ń wá níbẹ̀? Ìyá àgbà inú ilé lè fi kún un pé ṣúgà ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Olùkọ́ ìlera tí kò ní ju "ìfun ń fa omi mu" lọ kò ní èsì kankan fún wọn.

Èsì náà wà lára ògiri ìfun. Sẹ́ẹ̀lì ni a fi tẹ́ ògiri yìí, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí búlọ́ọ̀kù. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì: ọ̀kan kọjú sí oúnjẹ, èkejì kọjú sí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá ni a fi ṣe awọ tí ó bo sẹ́ẹ̀lì, ṣúgà kò sì lè la ọ̀rá kọjá, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó lẹ́yìn odi. Púrótéènì kan tí a rì mọ́ inú awọ náà ni ó ń mú un kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ó bá irú púrótéènì bẹ́ẹ̀ mu jù lọ ní èdè wa ni "aláàárù", ẹni tí ń fi owó gbé ẹrù ẹlẹ́rù ní ọjà, tí àwọn ará Èkó ń pè ní alábàárù. Orúkọ náà dára ju "ihò" tàbí "ojú ọ̀nà" lọ, nítorí pé ihò kì í yan ohun tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í gba owó. Àbùkù kan péré ni ó ní: aláàárù ọjà ń rìn, ti inú awọ kì í kúrò lójú kan. Ó dà bí yàrá onílẹ̀kùn méjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí pọ̀. Ti iwájú yóò ṣí, ẹrù yóò wọlé, yóò tì, kí ti ẹ̀yìn tó ṣí.

Aláàárù tí ń gbé gúlúkóòsì, tí àmì rẹ̀ jẹ́ SGLT1, kì í gbé e ní òun nìkan. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba sódíọ̀mù méjì, èyí tí ó wà nínú iyọ̀, kí ó tó lè di gúlúkóòsì kan mú. Nígbà náà ni ó tó yí padà tí ó sì já àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí inú sẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà "alájọrù" ni orúkọ tí ó yẹ irú rẹ̀, nítorí pé ó jọ ń ru ẹrù méjì ni. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, Robert Crane, ni ó kọ́kọ́ gbé èrò yìí kalẹ̀, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú Prague ní ọdún 1960. Ní ọdún 1987 ni Ernest Wright àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àkọsílẹ̀ àbínibí tí ara fi ń ṣe púrótéènì náà.

Ta ni ó ń san owó àárù? Ní ojú sẹ́ẹ̀lì tí ó kọjú sí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí ń ti sódíọ̀mù síta láìsinmi. Bí ó bá ti mẹ́ta síta, yóò fa pọtásíọ̀mù méjì wọlé, agbára tí ara rí nínú oúnjẹ ni ó sì ń ná sí i. Èyí ni ó mú kí sódíọ̀mù ṣọ̀wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, kí ti inú ìfun sì máa fẹ́ wọlé ṣáá, bí omi tí ń wá ibi tí ó rẹlẹ̀. Ìwọlé rẹ̀ yìí ni aláàárù fi ń fa gúlúkóòsì. Gúlúkóòsì ń bá aláàárù mìíràn, GLUT2, jáde sí ẹ̀jẹ̀ láìgba sódíọ̀mù. Bí iyọ̀ àti ṣúgà bá sì ti rékọjá báyìí, omi ń tẹ̀lé wọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà "fà mu" ti bá ipò rẹ̀ mu.

Ìyá tí ó béèrè ohun tí ṣúgà ń wá ti rí èsì rẹ̀. Májèlé kòkòrò onígbáméjì ń ṣí ọ̀nà fún kílóráìdì láti tú jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù àti omi a sì tẹ̀lé e; ó tún ń dí ọ̀nà mìíràn tí iyọ̀ ìbá gbà padà. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan alájọrù gúlúkóòsì. Ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì ṣí nígbà tí àwọn yòókù ti bàjẹ́. Iyọ̀ láìsí ṣúgà kò rí ẹni gbé e. Gúlúkóòsì tí wọ́n ń tà nínú páálí kò sì tó láìsí iyọ̀. Ní ọdún 1971, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn tí ogun lé kúrò ní Bangladesh ní àgọ́ Bangaon ní ilẹ̀ Íńdíà, omi inú iṣan tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó fún wọn ní omi oníyọ̀ àti gúlúkóòsì mu, iye àwọn tí ń kú sì wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún sí bíi 4.

Ìwọ̀n ni ó kù. Ṣíbí ṣúgà mẹ́fà, bí ṣíbí kan bá gba mílílítà 5, jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 25. Ìdajì ṣíbí iyọ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3. Ẹ́ńsáìmù ara ògiri ìfun yóò gé ṣúgà ìdáná sí méjì, gúlúkóòsì kan àti fúrúkítóòsì kan. Bí a bá ka gbogbo èérún wọn pọ̀ mọ́ ti iyọ̀ nínú lítà kan, a ó rí nǹkan bí 248 mílíọ́símólù. Ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 290. Omi máa ń lọ sí ibi tí èérún pọ̀ sí, nítorí náà yóò fi ìfun sílẹ̀ lọ sí ẹ̀jẹ̀. Oògùn apòpọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò jẹ́ 245. Òun ni ó dára jù, nítorí pé ó ní pọtásíọ̀mù tí omi ilé kò ní.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ìyá kan ní Magboro tí ó ní omi inú ọ̀rá tí a kọ 50cl sí lára. Méjì ni ó para pọ̀ di lítà kan. Bí ó bá da ìwọ̀n ṣúgà àti iyọ̀ náà sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, iye náà di nǹkan bí 496. Omi yóò yí ojú padà, yóò máa ti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ bọ́ sí ìfun, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì le sí i. Ìyá yóò rò pé ṣúgà ni ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ omi ni kò pé. Bí ìgbẹ́ bá ń pọ̀ bí ọmọ ti ń mu tó, tí ojú rẹ̀ sì ń jìn wọnú, ìwọ̀n omi ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun kan náà ni ó mú kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò má yẹ fún iṣẹ́ yìí: ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ọmọ bá ti dákú, tàbí tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó mu, aláàárù kò rí ẹrù gbé. Omi inú iṣan ní ilé ìwòsàn ni ó kù.

A ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aláàárù náà kò sí rárá. Àwọn ọmọ díẹ̀ ń bẹ tí a bí pẹ̀lú SGLT1 tí kò ṣiṣẹ́. Ọmú ìyá gan-an ni ó ń fún wọn ní ìgbẹ́ gbuuru, nítorí pé gúlúkóòsì àti gàlákítóòsì ni ṣúgà wàrà ń dà sí, aláàárù kan náà ni ó sì ń gbé méjèèjì. Bí a bá fi oúnjẹ tí fúrúkítóòsì nìkan jẹ́ ṣúgà rẹ̀ dípò, ìgbẹ́ náà a dá, nítorí pé GLUT5 ni ó ń gbé fúrúkítóòsì, kò sì bá sódíọ̀mù da nǹkan pọ̀.

Ti púrótéènì tún yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ́ńsáìmù inú ikùn àti ti àmọ́ ń gé ẹ̀wà tàbí ẹran sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ni pé ó gbọ́dọ̀ di ásíìdì àmínò ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọlé. Òótọ́ náà kò pé bẹ́ẹ̀. Aláàárù kan tí àmì rẹ̀ jẹ́ PEPT1 ń gbé ásíìdì àmínò méjì tàbí mẹ́ta tí ó ṣì so mọ́ ara wọn, kì í gbé mẹ́rin, háídírójìn oníná ni ó sì ń bá a rìn dípò sódíọ̀mù. Inú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn tán. Àrùn Hartnup, tí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1956, fi èyí hàn. Aláàárù tí ó yẹ kí ó gbé ọ̀pọ̀ ásíìdì àmínò ẹlẹ́yọ kò ṣiṣẹ́ lára àwọn tí ó ní i, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò ṣàìsàn tó bí a ti lè rò, nítorí pé PEPT1 ń gbé èyí tí ó so pọ̀ wọlé fún wọn.

Púpọ̀ nínú àwọn aláàárù ásíìdì àmínò ẹlẹ́yọ náà jẹ́ alájọrù pẹ̀lú sódíọ̀mù, nítorí náà mọ́ínmọ́ín tí ọmọ bá lè jẹ nígbà ìgbẹ́ gbuuru ń bá ṣúgà ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀kọ mímu àti omi ìrẹsì sì ní àǹfààní mìíràn: sítáàṣì inú wọn jẹ́ gúlúkóòsì púpọ̀ tí ó so mọ́ ara wọn, èérún kan ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ títí di ìgbà tí ẹ́ńsáìmù bá já a. Ó ń tú ẹrù sílẹ̀ fún aláàárù díẹ̀díẹ̀, láìfa omi padà sínú ìfun.