Àwo Ìrẹsì Márùn-ún: Bí Ọmọ Iṣẹ́ Ṣe Lè Pẹ́ Ní Bùkà Láìfi Kún Owó Oṣù

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, mo jókòó ti ìyá olóúnjẹ kan bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ṣe ń bu ìrẹsì. Ìgbákọ méjì ló yẹ kó bù sí àwo kan. Ó bu méjì tán, ó wo ojú oníbàárà, ó tún fi díẹ̀ lé e. Ìkòkò tó máa ń tó àwo 50 kò ju àwo 45 lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó ní: "Èyí tó mọ̀ ọ́n bù ti fi mí sílẹ̀ lóṣù tó kọjá."

Àwo márùn-ún yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Owó oṣù ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ka owó tó ń bá ọmọ iṣẹ́ tó lọ jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi bùkà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ẹni mẹ́jọ ló sì ń lọ lọ́dún, tí a ń fi ẹlòmíì rọ́pò wọn. Ẹni tó bá ìyá olóúnjẹ wá ẹni tuntun gba náírà 15,000. Fún ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹni tuntun fi ń kọ́ṣẹ́, alágbàṣe ló dúró sídìí ìkòkò, náírà 3,500 lójúmọ́, ìyẹn 35,000. Nígbà tí ẹni tuntun wá gba ìgbákọ, àwo márùn-ún ń sọnù lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ìwọ̀n. Bí àwo kan bá jẹ́ náírà 1,000, 25,000 ti lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 75,000 lórí ẹnì kan, 600,000 lọ́dún lórí ẹni mẹ́jọ. Owó yìí kò wọ àpò òṣìṣẹ́ kankan.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a mú lára owó yẹn fún ẹni tó dúró. Owó oṣù wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ bá ti pé oṣù mẹ́ta, ó gba náírà 10,000 lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní gbogbo oṣù mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e. Lọ́dún, 40,000 ni fún ẹnì kan, 320,000 fún ẹni mẹ́jọ. Bí ẹni tó ń lọ bá dín kù sí mẹ́ta, 225,000 ni wọ́n máa náni; a fi 320,000 kún un, ó di 545,000. A ṣì jèrè 55,000. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́rin bá lọ, ó di 620,000, a ti pàdánù nìyẹn. Kí oníkálùkù kọ́kọ́ ṣírò iye tirẹ̀ kó tó ṣèlérí.

Ọjọ́ tí a ó san owó náà ṣe pàtàkì. Bí gbogbo wọn bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà ní Oṣù Kejìlá, wọ́n lè kó ẹrù lọ lẹ́ẹ̀kan náà lóṣù kìíní. Kí a máa kà á láti ọjọ́ tí kálukú wọlé. Ẹni tí àìsàn tàbí ọ̀ràn ilé bá mú lọ, kí a fún un ní ìpín oṣù tó ti ṣe, torí pé àwọn tó kù ń wo bí a ṣe ṣe é.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ọ̀gá bu owó náà lára owó oṣù wọn, kó tún pè é ní ẹ̀bùn. Owó wọn ni wọ́n fi ń tàn wọ́n jẹ yẹn. Bákan náà ni owó ìtanràn lórí àwo tó fọ́: òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí ọ̀gá kàn máa yọ ọ́ bó ṣe wù ú. Bí owó oṣù fúnra rẹ̀ bá sì ń pẹ́ kó tó jáde, kò sí ẹ̀bùn tó lè di ihò náà.

Ìwé kékeré kan ló máa sọ bóyá ètò yìí ń ṣiṣẹ́: orúkọ, ọjọ́ tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó lọ, ìdí tí ó fi lọ. Bí wọ́n bá ń lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó náà kò tíì kàn wọ́n rárá. Ẹ wo irú ẹni tí ẹ ń gbà àti bí ẹ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń lọ ní kété tí wọ́n gbowó, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìsinmi, ariwo, àti agogo tí ẹ ń jẹ́ kí wọ́n relé lálẹ́.

Ìyá olóúnjẹ tí mo sọ yẹn rántí iye ìrẹsì tó sè lóṣù tó kọjá. Mo bi í léèrè ìdí tí ọmọ tó mọ̀ ọ́n bù fi lọ. Kò lè sọ ọ́.