Èrè Wà Nínú Ìwé, Owó Dà?

Bí ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kan bá tẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, iye èrè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Bó bá ti ju ti èṣí lọ, ọkàn wọn balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ àkáǹtì tó mọṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ṣé èrè yìí ti di owó?

Nínú ìlànà àkáǹtì, ọjọ́ tí ọjà bá ti kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó di ti oníbàárà ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti tà á, owó ì báà wọlé, ì báà má tíì wọlé. Ọjà àwìn tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá wà lára ọjà títà ọdún náà, èrè orí rẹ̀ sì wà níbẹ̀, bí ẹni tó gbé e kò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀. Ìlànà tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tan ènìyàn jẹ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè kan tí wọ́n lè fi dán kíláàsì wò. Ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe bisikíìtì. Ní ọdún 2023, ó ta ọjà mílíọ̀nù 800 náírà. Nígbà tí ọdún parí, owó àwìn tó wà níta jẹ́ mílíọ̀nù 100. Ní ọdún 2024, ọjà tó tà di mílíọ̀nù 1,000, owó àwìn tó wà níta sì di mílíọ̀nù 250. Èrè rẹ̀ fò láti mílíọ̀nù 80 sí mílíọ̀nù 120. Ṣé ká bá wọn yọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye ọjọ́ tí owó àwìn fi ń wà níta. Ẹ fi ọjà títà pín owó àwìn, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 365. Ti ọdún 2023 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 46. Ti ọdún 2024 jẹ́ ọjọ́ 91. Àwọn oníbàárà tó ń san owó láàárín oṣù kan ààbọ̀ wá di ẹni tó ń lo oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ mílíọ̀nù 150 tí owó àwìn fi pọ̀ sí i kúrò nínú èrè mílíọ̀nù 120. Bí gbogbo nǹkan yòókù bá dúró bákan náà, ọdún tí èrè pọ̀ jù lọ yẹn ni òwò náà jẹ mílíọ̀nù 30 náírà lápò ilé-iṣẹ́. Ìwé tó ń sọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde yóò fi èyí hàn kedere, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í ṣí i dé ibẹ̀.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí. Ní òpin ọdún 2006, Cadbury Nigeria, àwọn tó ń ṣe Bournvita ní Ìkẹjà, kéde pé wọ́n ti bu kún ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan. Iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 13 náírà. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá tó ń mójú tó ìnáwó nípò. Lára ọgbọ́n tí àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìpín ìdókòwò sọ pé wọ́n dá ni kí wọ́n máa rọ́ ọjà fún àwọn alágbàtà kọjá ohun tí wọ́n lè tà, kí wọ́n sì sún ìnáwó ọdún kan síwájú kó má baà jẹ nínú èrè. Àjọ náà bu owó ìtanràn lé àwọn tó yẹ ìwé wọn wò pẹ̀lú. Nítorí náà, ìbuwọ́lù olùyẹ̀wéwò nìkan kò tó gbára lé.

Síbẹ̀, ọjọ́ 91 yẹn nìkan kò tó láti pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó lè jẹ́ pé oníbàárà ńlá tuntun ló gba àdéhùn oṣù mẹ́ta, tàbí pé oṣù Kejìlá ni ọjà wọn máa ń yá jù. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a ka àlàyé kéékèèké tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ibẹ̀ ni a ti ń rí bí gbèsè kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó, àti iye tí ilé-iṣẹ́ yà sọ́tọ̀ fún èyí tí kò ní padà wá. Bí gbèsè bá ń gbó, tí iye ìyàsọ́tọ̀ kò sì kúrò lójú kan, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Kí a wá dúró de ìwé ìṣirò oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà. Bí ọjà títà bá já wálẹ̀ lójijì, tí àwọn alágbàtà sì ń dá ẹrù padà, a jẹ́ pé ọjà ọdún tuntun ni wọ́n ti kó sínú ìwé ọdún tó kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè kọ gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀, tó sì sọ ìwé tí òun tún fẹ́ rí kí òun tó dájọ́, ló gba ìbéèrè náà tán.