Àkọlé Lẹ́tà Ìpolówó Orí Ímeèlì àti Ìtumọ̀ Iye Àwọn Tí Ó Ṣí I

Iṣẹ́ àkọlé lẹ́tà ìpolówó ni kí ó mú kí òǹkàwé ṣí lẹ́tà náà. Iṣẹ́ ara lẹ́tà ni kí ó mú kí ó tẹ ìjápọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé e lọ sí ojú ìwé ìtajà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé iye àwọn tí ó ṣí lẹ́tà lè tan olùtajà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùtajà àdìrẹ kan ní ọjà Wúsè, ní Àbújá, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ní oníbàárà 1,000 tí wọ́n gbà kí ó máa kọ̀wé sí wọn, ó sì pín wọn sí 500 àti 500 bí ẹni ń ṣẹ́ gègé. Ara lẹ́tà kan náà ni ó fi ránṣẹ́ sí ìpín méjèèjì; àkọlé nìkan ni ó yàtọ̀:

Ìkíní: Ẹ ṢÍ I KÍÁKÍÁ!!! ÌRÒYÌN AYỌ̀
Èkejì: Àdìrẹ Abẹ́òkúta dé, a dín ₦2,000 kúrò

Ènìyàn 200 ṣí ti àkọ́kọ́, èyí tí í ṣe ìdá 40 nínú 100. Ṣùgbọ́n ènìyàn 5 péré ni ó tẹ ìjápọ̀ rẹ̀. Ènìyàn 150 ṣí èkejì, ìdá 30 nínú 100. 20 nínú wọn sì tẹ ìjápọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó ṣí ti àkọ́kọ́ ń retí oríire, àdìrẹ ni ó bá níbẹ̀. Àkọlé kejì ti sọ ohun tí ó wà nínú lẹ́tà, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ rà ni ó ṣí i. Bí ó bá jẹ́ pé 5 àti 7 ni iye àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́, a kò ní lè dájọ́, nítorí èèṣì lè fa irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a tilẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé a ṣí lẹ́tà? Àwòrán bíńtín tí ojú kò rí ni a fi sínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ òǹkàwé bá ti lọ mú àwòrán náà wá, a kà á sí ìṣílẹ́tà. Ẹni tí ó ti ṣe ìdènà fún àwòrán lè ka lẹ́tà tán kí a má mọ̀. Ní ìdà kejì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Apple Mail ti ń mú àwòrán wá ṣáájú fún ẹni tí ó bá gba ìdáàbòbò rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé onítọ̀hún kò ka ohunkóhun.

Títẹ ìjápọ̀ ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ òun náà ní àbùkù. Ẹ̀rọ ààbò àwọn iléeṣẹ́ kan a máa tẹ gbogbo ìjápọ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò. Àmì rẹ̀ ni pé gbogbo ìjápọ̀ ni a tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí lẹ́tà dé.

Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ara lẹ́tà ní láti mú ìlérí àkọlé ṣẹ: irú àdìrẹ wo, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ̀dínwó yóò parí. Ìjápọ̀ ìtajà kan ṣoṣo ni kí ó tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀ ni ìjápọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ lẹ́tà mọ́ yóò wà, nítorí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpolówó.