Nígbà tí Régẹ́ẹ̀sì Bá Kó Ju Ohun tí A Rán An Lọ

Régẹ́ẹ̀sì ni àwòṣe kúkúrú tí a fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá jáde fún un. Nínú àwòṣe náà, àmì ìdánudúró dúró fún lẹ́tà tàbí àmì yòówù. Bí ìràwọ̀ bá tẹ̀ lé e, ó túmọ̀ sí pé irú bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ tó bó ṣe wù ú, ó sì lè má sí rárá. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ẹnìkan fẹ́ yọ àwọn àmì HTML kúrò nínú ìlà yìí:

```
<b>Eko</b> ati <b>Oyo</b>
```

Ó kọ `<.*>`, ó sì ní kí ohunkóhun tó bá bá a mu di òfo. Orúkọ ìlú méjèèjì ló yẹ kó kù, àmọ́ gbogbo ìlà ló pa rẹ́.

Ìwọra ìràwọ̀ ló fà á. Kọ̀ǹpútà rí `<` ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Lójú ẹsẹ̀, `.*` gbé gbogbo 24 tó kù mì, títí dé òpin. Kò wá sí nǹkan kan fún `>` mọ́. Nígbà náà ni kọ̀ǹpútà fi ẹ̀yìn rìn: ó gba ẹyọ kan padà lọ́wọ́ `.*`, `>` sì ni ẹyọ náà. Ó ti rí ohun tó ń wá, ó dúró. `>` tó wà lẹ́yìn `b` àkọ́kọ́ kò ní ìdí láti wọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ohun tó máa ń tú àṣírí àṣìṣe yìí ni iye ibi tí àwòṣe mú. Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì gùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi `?` kún un, kó di `<.*?>`, kí ìràwọ̀ má baà gbé ju ìwọ̀nba lọ. Ó ṣiṣẹ́ nínú Perl àti Python. Nínú `sed`, kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá lò ó lásán, àmì ìbéèrè gan-an ni `?` jẹ́, àwòṣe náà kò sì ní rí ohunkóhun nínú ìlà wa.

Níbi tó tilẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. `<b>.*?Oyo</b>` ì bá mú Oyo nìkan lójú ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà náà ló máa mú. `?` ń dín ibi tí a ó dúró kù ni. Kò yí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ padà, òsì ìlà ni kọ̀ǹpútà sì máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí a dárúkọ ohun tí àwòṣe kò gbọdọ̀ rékọjá. `[^>]` túmọ̀ sí ohunkóhun tí kì í ṣe `>`:

```
sed 's/<[^>]*>//g'
```

Ìràwọ̀ ṣì wọra bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n `>` àkọ́kọ́ dí i lọ́nà. Ibi mẹ́rin ni àwòṣe náà mú, ohun tó sì kù ni `Eko ati Oyo`.