Ohun Tí Àwòdì Rí

Ẹni tó bá ti gun Láyípo rí, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àárẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1936, mọ bí ìlú ṣe ń rí lójú àwòdì. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, òòyì lè kọ́ èèyàn kó tó dókè. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ti yọ sókè, páànù tó ti dógùn-ún ló máa kọ́kọ́ rí, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, débi pé agbára káká lojú fi ń rí títì láàárín wọn.

Lónìí, dírónù ló ń bá wa gòkè. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì ti rí i pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ a máa tú owó lápò èèyàn, pàápàá ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò lè wá wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, àwòrán ẹ́sítéètì ti dé orí Wátsáàpù, bí ẹni pé dírónù ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kọjá lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ayàwòrán á gbé ilé dúró nínú SketchUp, á kó o lọ sínú Lumion, ibẹ̀ ni yóò ti fi koríko, igi, ọkọ̀ àti oòrùn kún un. Ìyẹn nìkan kì í ṣe irọ́. Ilé tí wọn ò tíì kọ́, báwo ni dírónù ṣe fẹ́ yà á? Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé ohun tó wà nínú àwòrán lè gba orí ilẹ̀ náà? Èyí sì ṣeé wọ̀n láì gba ọ̀dọ̀ sọ̀fíyọ̀ lọ.

Ọkọ̀ ni rúlà. Kòròlà tó ń lọ lójú títì gùn tó mítà 4.5. Títì ẹ́sítéètì tó fẹ̀ ní mítà 9 kò ju ọkọ̀ méjì tí wọ́n tò ní ìdí sí orí lọ, ilé tó sì fẹ̀ ní mítà 12 kò tó ọkọ̀ mẹ́ta. Bí ọkọ̀ mẹ́fà bá lè sùn ní ìbú títì inú àwòrán, á jẹ́ pé títì náà fẹ̀ tó mítà 27, tàbí kó jẹ́ pé ayàwòrán ti sọ ọkọ̀ di kékeré kí ilé lè dà bí ààfin. Ilẹ̀kùn ni yóò tú àṣírí. Ilẹ̀kùn ilé a máa ga tó mítà 2.1, Kòròlà sì ga tó nǹkan bíi 1.45, nítorí náà orí ọkọ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹ kó kọjá ìdajì ilẹ̀kùn dáadáa. Bí kò bá dé ibi tí ọwọ́ ti ń di kọ́kọ́rọ́ mú, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ká wá mú ilẹ̀ kan, ká pín in. Ó jẹ́ mítà 200 ní ìbú, 250 ní gígùn, ìyẹn hẹ́kítà 5. Púlọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ n'Íbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 sí 30. Bí ilé bá fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn ní méjì méjì, tí títì mítà 9 sì ń kọjá níwájú wọn, ìlà ilé 7 àti títì 4 ni ilẹ̀ yìí gbà: 210 fún ilé, 36 fún títì, àpapọ̀ rẹ̀ 246. Lórí ìlà kan, púlọ́ọ̀tì 12 gba mítà 180. Títì ńlá tó wọlé láti géètì gba 12, ìyókù di ti ògiri àti òdòdó. Púlọ́ọ̀tì 84 nìyẹn. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ ríbi jókòó, kànga gbọ́dọ̀ ríbi wà, àwọn ọmọdé náà sì gbọ́dọ̀ ríbi ṣeré. Yọ 6 kúrò, ó ku 78.

Bí ẹni tó ń ra ilẹ̀ bá wá ka òrùlé inú àwòrán tó sì jẹ́ 120 ńkọ́? Ó di dandan kí wọ́n gé púlọ́ọ̀tì kúrú, tàbí kí wọ́n kọ́lé sójú ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn wà nínú àwòrán náà.

Ètò títì náà ní bó ṣe máa ń rí. Ní Fẹ́sítáàkì, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977, títì ńlá tí wọ́n fún ní nọ́ńbà ló ń gba àárín ìlú kọjá, àwọn títì kéékèèké sì ń yà lára rẹ̀ bí ẹ̀ka lára igi. Bọ́dìjà àtijọ́ n'Íbàdàn ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, igi sì ti bo ọ̀pọ̀ òrùlé ibẹ̀. Nínú àwòrán tí wọ́n sáré ṣe, títì a máa gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tó ti parí kò sì ní àyè tí ọkọ̀ akólẹ̀ lè yí padà sí. Gọ́tà kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé nílùú tójò ti ń rọ̀ kò ní gbàgbé gọ́tà.

Ti òrùlé ló gba ọgbọ́n jù. Nínú ẹ́sítéètì, oríṣi ilé méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ léraléra, nítorí náà òrùlé gbọ́dọ̀ jọra. Àmọ́ bí omele bá ń pa ohùn kan náà, ìyáàlù ní láti máa dá a kọjá. Ilé méjì tó fara tira a máa kọ ojú sí ara wọn bí ẹni tó wo dígí. Tánkì dúdú wà lápá ọ̀tún ilé yìí, ó wà lápá òsì ìkejì. Onílé kan ti gbé páńẹ́lì sólà sókè, ẹnì kan ti kun páànù tirẹ̀ láwọ̀ mìíràn. Bí gbogbo tánkì bá wà lójú kan náà lórí ilé 78, ẹ̀dà ni ayàwòrán ń ṣe, kò ronú kan ilé kankan.

Igi náà bẹ́ẹ̀. Igi ilẹ̀ òyìnbó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí ẹ́sítéètì Mówé fi ń dà bí abúlé kan ní Ìlú Ọba. Láti òkè, àgbọn tan imọ̀ rẹ̀ ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, máńgòrò ṣùjọ bí agboòrùn dúdú, ó sì lè fẹ̀ tó mítà 10. Ṣùgbọ́n máńgòrò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Igi tí wọ́n gbìn lọ́dún tí wọ́n ń kó wọlé kò ju èèyàn lọ. Àwòrán tó bá ṣòótọ́ á fi igi tín-ín-rín hàn, á sì jẹ́ kí ilẹ̀ pupa hàn láàárín koríko.

Wo òjìji gbẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dorí kọ ọ̀nà kan náà, ti igi, ti ilé àti ti ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lórí èèyàn lọ́sàn-án. Kódà ní oṣù Kejìlá, òjìji ilé tó ga ní mítà 7 kò ju nǹkan bíi mítà 4 lọ ní ọ̀sán gangan. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ọ̀sán gangan ni, tí òjìji ilé náà sì gùn kọjá títì dé àgbàlá aládùúgbò, oòrùn Hóláǹdì ló ràn sórí Mówé yẹn.